Tí Wọ́n Bá Fi Yanrìn Kún Àbàtà, Ibo Lomi Ẹ̀ Ń Gbà?

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àbàtà etí òkun ti ń gbé mi lọ́kàn, àwọn àbàtà tí igi ẹ̀gbà ń hù sí, igi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní máńgírófù báyìí. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹyẹ àti ẹja ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ẹyẹ àti ẹja wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni gíga ilẹ̀. Ààyè tí máńgírófù lè hù sí tóóró gan-an: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí àárín ibi tí òkun ń kún dé àti ibi tó ń fà sẹ́yìn dé, ó sì máa ń parí síbi tí omi ń dé nígbà tí òkun bá kún jù lọ láàárín oṣù. Tí ilẹ̀ bá fi díẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn, omi á máa bo ọ̀dọ́ igi náà pẹ́ jù, á kú. Tó bá fi díẹ̀ ga jù, omi òkun ò ní dé ibẹ̀ mọ́, igi àti koríko orí ilẹ̀ gbígbẹ á gbà á. Inú ààyè tóóró yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí àbàtà ń ṣe fún wa wà. Tẹ́nì kan bá da yanrìn lé e tó ga tó mítà kan tàbí méjì, iṣẹ́ yẹn ti parí, kódà tí wọn ò bá fi àdá kan igi kankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń fọ omi mọ́. Àwọn èèyàn máa ń fi àbàtà wé asẹ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn, torí asẹ́ kàn ń dá ìdọ̀tí dúró ni, ẹ ṣì máa gbọn ìdọ̀tí yẹn dànù síbì kan. Àbàtà máa ń dá nǹkan dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún máa ń sọ àwọn kan di nǹkan mìíràn pátápátá.

Ìdádúró yẹn ló rọrùn láti rí. Odò tó bá gba inú ìlú kọjá máa ń gbé ẹrẹ̀ kíkúná lọ́wọ́, oríṣiríṣi ìdọ̀tí á sì lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ yẹn. Tí omi bá wọ àárín gbòǹgbò máńgírófù, àwọn gbòǹgbò tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti ara igi àtàwọn kan tó yọ ṣóńṣó ṣóńṣó láti inú ẹrẹ̀ kí wọ́n lè rí atẹ́gùn mí, omi ò ní lè sáré mọ́. Omi tó bá sì ti dẹwọ́ ìrìn máa ń sọ ẹrù ẹ̀ kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ báyẹn ni ilẹ̀ àbàtà fi ń ga sí i fúnra ẹ̀, ìyẹn ló sì fà á tí àwọn kan fi lè máa bá òkun rìn bí òkun náà ṣe ń ga.

Ìyípadà gan-an ló wù mí láti sọ. Tẹ́ ẹ bá wa ẹrẹ̀ àbàtà, ẹ máa rí i pé òkè ẹ̀ pọ́n tàbí ó ní àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa kan ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bà jẹ́. Ibi tí àwọ̀ ti yí padà yẹn ni atẹ́gùn ọ́síjìn tán sí, ó lè má ju mìlímítà mélòó kan lọ láti òkè. Omi ìdọ̀tí ìlú, omi ṣaláńgá àti ti ajílẹ̀ oko, máa ń gbé ammóníà àti náítíréètì wá, àwọn nǹkan tó ń jẹ́ kí ewéko inú omi ya bo ojú ọ̀sà tí ẹja á fi máa kú. Lápá òkè ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn wà, bakitéríà á sọ ammóníà di náítíréètì. Náítíréètì yẹn á wá rin sísàlẹ̀, síbi tí kò sí ọ́síjìn, àwọn bakitéríà mìíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọn ò rí ọ́síjìn mí, wọ́n á bá fa ti ara náítíréètì lò, ohun tó máa ṣẹ́ kù ni gáàsì náítírójìn. Gáàsì yẹn á rú jáde láti inú ẹrẹ̀, á dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tó jẹ́ pé náítírójìn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí yẹn ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ̀n ọ́n dànù.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ yẹn nílò ibi tí ọ́síjìn wà àti ibi tí kò sí, kí méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òkun tó ń kún tó tún ń fà ló ń ṣe é: tó bá fà, afẹ́fẹ́ á wọnú ẹrẹ̀ gba ihò alákàn àti ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, tó bá tún kún, ilẹ̀kùn á tì padà. Ilẹ̀ tó ga jù, gbígbẹ lá máa wà. Èyí tó bá rì pátápátá, ọ́síjìn ò ní ráyè wọlé dáadáa. Ẹ ti wá rí ìdí tí mo fi ní gíga ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Nǹkan mìíràn wà tí kò lè di gáàsì. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń so mọ́ irin tó wà nínú ẹrẹ̀, òjé àti sínǹkì àti kọ́pà náà máa ń so mọ́ súfúrì inú ẹrẹ̀ dúdú, ibẹ̀ ni wọ́n máa jókòó sí. Àwọn yẹn ò lọ, wọ́n wà ní ìpamọ́ ni. Fún ìdí yìí, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ká kàn máa da gbogbo ìdọ̀tí ìlú sínú àbàtà pé á gbé e mì rárá. Ó níye tó lè gbà. Tí epo rọ̀bì bá bo àwọn ihò kéékèèké tí gbòǹgbò fi ń mí, igi á kú lórí ìdúró. Tí ọ̀rá bá tẹ́ bo ilẹ̀, ọmọ igi ò ní rí ibi fìdí múlẹ̀. Ìdọ̀tí tí bakitéríà ní láti jẹ tó bá sì pọ̀ jù, ọ́síjìn òkè ẹrẹ̀ náà á tán, apá àkọ́kọ́ iṣẹ́ yẹn á dúró, ammóníà á kàn máa gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe wá.

Ibi ìpamọ́ yẹn ló wá ń dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kọ́lé. Súfúrì inú ẹrẹ̀ dúdú máa ń bá irin ṣọ̀kan di òkúta wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní páíráìtì. Tó bá wà lábẹ́ omi, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó lè wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Àmọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ síta láti fi yanrìn rọ́pò ẹ̀, tàbí tí wọ́n la gọ́tà ńlá kí àbàtà lè gbẹ, afẹ́fẹ́ á kàn án, páíráìtì á yí padà di ásíìdì súfúrì, ásíìdì tó wà nínú bátìrì mọ́tò gan-an. Iye pH ilẹ̀ yẹn, òǹkà tó máa ń wálẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i, lè já wálẹ̀ kọjá 4. Òjé àti sínǹkì tó jókòó jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ á yọ́ sínú omi, alumíníọ̀mù inú amọ̀ náà á yọ́ tẹ̀ lé e, ìyẹn sì ń pa ẹja torí ó máa ń dí ibi tí ẹja fi ń mí. Ẹ lè fojú rí i: nǹkan pupa bí ìpẹtà máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, àmì ìyeyè ràndànràndàn á yọ lójú ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde, omi inú kòtò á sì mọ́ gaara lọ́nà tó yani lẹ́nu, torí alumíníọ̀mù ti wọ́ gbogbo ẹrẹ̀ kíkúná lọ sísàlẹ̀. Omi tó mọ́ gaara lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la gọ́tà sí, ẹ̀rù ló yẹ kó bani, kéèyàn má lọ máa yìn ín. Ásíìdì yẹn náà ló máa ń jẹ kọnkéré àti irin ìpìlẹ̀ ilé.

Ó tó lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ omíyalé ló kù.

Ìgbì òkun ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi irọ́ díẹ̀ tan àwọn èèyàn. Ìwádìí tí wọ́n ti kó jọ fi hàn pé máńgírófù tó fẹ̀ tó 100 mítà lè dín gíga ìgbì kù láti ìdá 13 títí dé ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún, ó wà lọ́wọ́ bí igi ṣe ki tó àti bí omi ṣe jìn tó. Ìyẹn dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ìgbì yàtọ̀ sí òkun tí ìjì ńlá gbé sókè odindi, tó ń rọ́ wọ ìlú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní ti ìyẹn, kìlómítà kan gbáko ti máńgírófù ò lè dín in kù ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5 sí 50 lọ. Nítorí náà tí ilé iṣẹ́ kan bá kún inú àbàtà tán, tí wọ́n wá fi igi tóóró kan sílẹ̀ létí omi, tí wọ́n ní ààbò ti wà, fún ìgbì lásán ni ààbò yẹn. Àwọn tó máa ra ilé níbẹ̀ yẹ kí wọ́n mọ̀.

Omi tó ń ti òkè wá, ìyẹn òjò, ibẹ̀ ni kíkún àbàtà ti máa ń dun àwọn ará ìlú jù, ẹjọ́ tó sì yé mi jù lórí ẹ̀ ni ti odò Mithi ní ìlú Mumbai lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Odò yìí ò gùn, nǹkan bíi kìlómítà 18 ni. Inú omi tó ń ṣàn lé láti adágún Vihar àti Powai ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín ìlú kọjá, ó sì wọ òkun ní Mahim. Kó tó dé òkun, àbàtà máńgírófù tó gbòòrò ló máa ń bá pàdé, ibẹ̀ ni omi òjò àti omi òkun ti máa ń dúró de ara wọn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹnu odò yìí kù tipẹ́tipẹ́, láti 1845 tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà tó gba orí omi kọjá láàárín Mahim àti Bandra. Lẹ́yìn náà pápákọ̀ òfuurufú gbòòrò, odò ní láti yí ìrìn ẹ̀ padà kó lè yà fún ojú ọ̀nà bàlúù. Láti ọdún 1977 lọ, wọ́n wá ń fi ilẹ̀ kún àbàtà yẹn láti kọ́ àdúgbò ọ́fíìsì ńlá tó ń jẹ́ Bandra-Kurla Complex, nǹkan bíi hẹ́kítà 370. Báǹkì àti ilé gogoro ló kún ibẹ̀ báyìí, odò sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá nínú ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ògiri há.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2005, òjò mìlímítà 944 rọ̀ láàárín wákàtí 24 ní Santacruz, lápá àríwá ìlú, nígbà tó jẹ́ pé ní Colaba tó wà lápá gúúsù, òjò ọjọ́ yẹn ò ju nǹkan bíi mìlímítà 73 lọ. Ọ̀sán ló le jù, wákàtí kan wà tí òjò ju mìlímítà 190 lọ nínú ẹ̀. Gọ́tà ìlú náà, mìlímítà 25 ní wákàtí kan ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn náà sì jẹ́ tí òkun bá fà sẹ́yìn. Kí aago mẹ́rin tó lù lọ́jọ́ yẹn, òkun kún dé nǹkan bíi mítà 4.48. Ẹ̀mí tó lọ ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, tí Mumbai wà nínú ẹ̀, lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Mo fẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan níbí, torí àwọn tó fẹ́ràn àbàtà bíi tèmi máa ń sọ pé ká ní wọn ò kún un ni, omi ò bá má ya ilé kankan. Ilẹ̀ tí omi ẹ̀ ń ṣàn wọ odò Mithi fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 73 níbùú lóròó. Tí mìlímítà 944 bá rọ̀ sórí gbogbo ẹ̀ bákan náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 69 kúbíìkì mítà omi nìyẹn. Hẹ́kítà 370 tí wọ́n kún, tí ẹ bá fún un láyè láti gba omi mítà kan sórí, mílíọ̀nù 3.7 ló máa gbà, kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Òkun sì tún ti kún ún dé àyè kan nígbà yẹn. Òjò bíi tọjọ́ yẹn máa wọlé, àbàtà wà o, àbàtà ò sí o. Mi ò rò pé ó bu iyì àbàtà kù ká sọ òótọ́ yẹn.

Kí ló wá bà jẹ́ nígbà náà? Ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Odò tó wà láàárín àbàtà ní ọ̀nà méjì: ojú odò gangan, àti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí omi máa ń tàn sí tí ojú odò bá ti kún. Tí omi bá tàn, kò ní ga púpọ̀, tí òkun bá sì ti ń fà, gbogbo ibi tó tàn sí ló máa bá a jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá kún ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn, omi kan náà máa gba ọ̀nà tóóró, á ga sí i kó tó lè kọjá, gíga yẹn á sì máa pa dà sẹ́yìn lójú odò títí dé àwọn àdúgbò tó wà lókè. Àdúgbò tí wọ́n kún, òun ti ga. Kurla àti Kalina àti àwọn tó wà létí odò, tí ilẹ̀ wọn wà níbi tó wà látilẹ̀, ni wọ́n di ìsàlẹ̀. Ẹni tó fi yanrìn gbé ilẹ̀ tiẹ̀ sókè ti sọ ilẹ̀ aládùúgbò ẹ̀ di kòtò láìfọwọ́ kan ilẹ̀ ọ̀hún. Èyí ló máa ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí nínú ìwé tí wọ́n fi ń gba àṣẹ láti kún ilẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kún ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò pé ṣé omi á wọ̀ ọ́. Omi ò ní wọ̀ ọ́ kẹ̀! Wọ́n gbé e ga, báwo lomi ṣe fẹ́ wọ̀ ọ́?

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, tí ínjínnìà Madhav Chitale darí, sọ ọ̀rọ̀ nípa bí odò ṣe há mọ́, wọ́n sì ní kí gọ́tà tuntun lè gbé ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, mìlímítà 50 ní wákàtí kan. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ọ̀hún náà ò súnmọ́ 190.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má wo bí omi ṣe ga tó nìkan, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó lọ. Tí òjò tí kò le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ bá ń wọlé, tí omi tó máa ń fà láàárín wákàtí díẹ̀ wá ń sùn di ọjọ́ kejì, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí òkun bá fà ló tó ń lọ, ẹnu ọ̀nà omi ti há nìyẹn. Gbígbẹ́ gọ́tà òkè ò ní wò ó sàn, ó tiẹ̀ lè mú kí omi tètè dé ibi tó há kó sì ga sí i.

Ṣé a lè dá a padà? Wọ́n máa ń sọ pé ká gbin igi. Mo ti rí àwòrán tó pọ̀ tí àwọn èèyàn tó níwà rere dúró sínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń ti ọmọ máńgírófù mọ́lẹ̀ ní ìlà ìlà, ọkàn mi máa ń wúwo ni, torí ibi tí wọ́n sábà máa ń gbìn ín sí ni ẹrẹ̀ gbalasa tó wà níwájú òkun, ibi tó rọrùn láti rí gbà torí kò sẹ́ni tó ń jà sí i. Ibẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ jù. Ká ní máńgírófù lè hù níbẹ̀ ni, á ti hù. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, àìmọye irú igi bẹ́ẹ̀ ló ti kú fún ìdí kan ṣoṣo yìí.

Robin Lewis, onímọ̀ nípa àbàtà kan ní Florida tó ti dolóògbé, gba ọ̀nà mìíràn. Ó máa ń kọ́kọ́ lọ wọn gíga ilẹ̀ níbi tí máńgírófù tó yè wà nítòsí, á wá wo iye àkókò tí omi fi ń bò ó, ohun tó rí ni pé omi ò sábà bò wọ́n ju nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò lọ. Ìgbà yẹn ló tó máa ní kí wọ́n wa ilẹ̀ tí wọ́n fi kún ibẹ̀ kúrò títí tó fi máa bá gíga yẹn dọ́gba, kí wọ́n sì la ipa odò kéékèèké kí omi lè máa wọlé kó sì máa jáde. Ní West Lake nítòsí ìlú Hollywood ní Florida, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1980 lọ, igi máńgírófù sì padà síbẹ̀ láìsí pé ẹnì kan gbìn wọ́n, omi òkun ló gbé èso wọn wá. Owó katakata àti mọ́tò tó ń kó yẹ̀pẹ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fẹ́ ṣe é, torí ó túmọ̀ sí pé kéèyàn gbé ilẹ̀ tó ti di owó wálẹ̀.

Ní Mumbai, ilé ẹjọ́ gíga fòfin de gígé máńgírófù lọ́dún 2005, ó sì tún un sọ ní kíkún lọ́dún 2018, pé kí wọ́n fi mítà 50 sílẹ̀ yí wọn ká. Mo yọ̀ nígbà tí mo ka èyí. Ṣùgbọ́n àyè ṣì wà pé tí iṣẹ́ kan bá jẹ́ fún àǹfààní gbogbo ìlú, ilé ẹjọ́ lè yọ̀ǹda, tí wọ́n bá sì yọ̀ǹda, wọ́n á ní kí wọ́n gbin igi dípò, ibi tí wọ́n sì máa gbìn ín sí lè jìnnà gan-an. Igi yẹn lè yè, kó sì máa fọ omi ibẹ̀. Odò tí wọ́n há mọ́ ò ní mọ̀ pé wọ́n gbin nǹkan kan níbì kan, omi tó yẹ kó tàn sórí hẹ́kítà tí wọ́n kún á ṣì máa wá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gbà. Tí wọ́n bá fẹ́ san dípò, ilẹ̀ tó wà lórí odò kan náà ni kí wọ́n gbé wálẹ̀, ní ìwọ̀n omi kan náà tí wọ́n lé jáde, kí wọ́n sì ṣe é kí wọ́n tó da ẹrù yanrìn àkọ́kọ́ sílẹ̀.